Ibi Tí Mo Ti Pè É Lólè

Ẹnu mi mú láti kékeré. Ìyá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá lè fi ẹnu mi la igi, bàbá mi ò ní ra àáké mọ́. Ẹ̀rín la fi ń rín in nígbà náà. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ni mo pè lólè létí ọ̀sà ní Bàrígà, níṣojú àwọn tó ń bá a rajà, kò sì jalè. Ọ̀rẹ́ mi ni. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ sì ṣe é léṣe ju èébú náà lọ.

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ṣómólú ti ń kún fún ilé. Àwọn ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ránṣọ, tí wọ́n ń kan àga, tí wọ́n ń tajà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti gba apá Bàrígà wá sọ́dọ̀ wa létí omi, igbó àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìlàjẹ ni wọ́n ń pe àdúgbò wa, nítorí pé láti etíkun wa lọ́hùn-ún la ti wakọ̀ wá. Àwọn ọkọ wa ń pẹja, àwa ń yan án, a sì ń tà á fún àwọn obìnrin tó ń rìn wá láti Ṣómólú láàárọ̀.

Inú ọkọ̀ kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi bá dé, ìyàwó tuntun ni àwa méjèèjì. Abẹ́ abà kan náà la mọ ààrò wa sí, tèmi lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì. Bí èéfín bá bo ojú ọ̀kan, èkejì a bá a yí ẹja. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá ń ṣe wàhálà pẹ̀lú ẹnìkan létí omi, òun ni í fa aṣọ mi lẹ́yìn pé, "Ó tó bẹ́ẹ̀, ó ti gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe ẹja ọ̀bọ̀kún, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tí a bá ti yọ ìfun rẹ̀, tí a fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, a ó ká a kó rí róbótó, kí ìrù rẹ̀ kan ẹnu, a ó sì fi igi tín-ínrín gún un kó má baà tú lórí iná. Ọ̀pọ̀ obìnrin, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ìrù. Tèmi yàtọ̀. Ìyá mi kọ́ mi kí n gún ìrù lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì ṣẹ́ igi náà kúrú lápá òsì. Ẹja ńlá kì í tú bí a bá gún un bẹ́ẹ̀. Gbogbo etí omi mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i, tèmi ni, mo sì máa ń fi í yangàn.

Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì. Ọ̀rẹ́ mi ló ń wẹ ọmọ fún mi, òun ló ń yan ẹja mi mọ́ tirẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo mú igi, mo fi bí a ṣe ń gún un hàn án, kí àwọn oníbàárà mi má baà sọ pé kì í ṣe ẹja mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ara mi yá, mo padà sídìí ààrò, mo sì gbàgbé. Òtítọ́ ni mo ń sọ, mo gbàgbé pátápátá pé mo kọ́ ọ.

Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, lásìkò òjò, mo jí lọ sídìí ààrò, mo rí i pé ọ̀bọ̀kún méjìlá kò sí níbẹ̀. Àwọn tó tóbi jù ni, tí mo fẹ́ gbé fún oníbàárà mi kan láti Bajulaiye ní Ṣómólú. Ọ̀nà tó lọ sétí omi ni mo gbà, mo ń wo agbọ̀n gbogbo èèyàn bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ti jókòó, ó ti ṣí agbọ̀n rẹ̀, obìnrin ará Bajulaiye yẹn àti àwọn méjì mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà lára ẹja rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ńlá ló wà lókè. Igi gún ìrù wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kúrú lápá òsì.

Mo pariwo. Mo ní, "Olè! Ẹja mi rèé! Abẹ́ òrùlé kan náà lolè mi wà!"

Ó dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Wò mí dáadáa, kó o tún un sọ."

Mo wò ó dáadáa, mo tún un sọ. Mo tilẹ̀ fi kún un. Mo ní abájọ tí ojú rẹ̀ fi ń dán láti ọjọ́ yìí. Obìnrin ará Bajulaiye kó ẹja tó ti ṣà jáde kúrò nínú abọ́ rẹ̀, ó rọra tò ó padà sínú agbọ̀n, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn méjì yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi àgbà, wà níbẹ̀ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ti oko ẹ̀gẹ́ dé. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní, "Ìyàwó mi, ṣé o rí àwọn ẹja tí mo gbé wọlé? Òjò ń jò sórí ààrò yín ní ìdájí, mo kó àwọn tí omi ń kàn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi." Mo wọ yàrá wọn. Méjìlá ni wọ́n, wọn ò dín, wọn ò lé.

Ìtìjú bá mi, mo sì fẹ́ kí ìtìjú náà kúrò lára mi kíá. Ìyẹn ni àṣìṣe tó tẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́. N kò tíì ronú ohun tí mo ṣe fún obìnrin yẹn rárá. Bí ara ṣe ń ni mí ni mò ń rò. Kí oòrùn tó wọ̀, mo mú márùn-ún nínú àwọn ọ̀bọ̀kún náà, mo fi ewé bò wọ́n, mo lọ sílé rẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì.

Mo kúnlẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó lè ní n kò kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú. Ojú ló tàn mí. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja náà jọra, bó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá bínú. Ìyá ọkọ mi ni wọn ò tètè sọ̀rọ̀." Mo wá gbé ẹja kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó wo ẹja náà pẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́."

"Ṣé o ti fi jìn mí?"

"Mo ní mo ti gbọ́."

Mo jáde, mo lọ sọ fún ọkọ mi pé mo ti bẹ̀ ẹ́, ìgbéraga ni kò jẹ́ kó gbà. Lónìí, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́." Ta ló ń ṣiyè méjì? "Ìwọ náà mọ̀." Mo fi í ṣe ẹlẹ́rìí ara mi. Mo gbé ẹ̀bi ka orí ìyá ọkọ mi tó gba ẹja mi lọ́wọ́ òjò. Mo sì mú ẹja tí mo tìtorí rẹ̀ pè é lólè, mo fi ta á lọ́rẹ, bí ẹni ń sọ pé, ó fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, gbà. N kò mọ̀ nígbà náà. Mo rò pé ìkúnlẹ̀ nìkan tó.

Ẹja náà wà lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kejì, ewé kò ṣí lórí rẹ̀.

Inú bí mi. Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, pé nílẹ̀ wa, bí ẹ̀bẹ̀ ẹnìkan kò bá wọlé, a máa ń kó àgbà lọ ni. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a kó wọn lọ: àlùfáà wa, bàbá ìjọ méjì, àti ìyá ìjọ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí iyẹ̀pẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín ń jà. Wọ́n ní kó wo orí ewú. Wọ́n ní kó wo ti Olúwa tó kú fún wa. Kò sẹ́ni kankan nínú wọn, títí kan èmi náà, tó sọ pé, "Obìnrin yìí kò jalè."

Kí ni obìnrin kan yóò sọ níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀? A kì í kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà. Ó ní, "Ó ti tán, sà." Àlùfáà ní kó dì mọ́ mi, ó sì dì mọ́ mi. Apá rẹ̀ kan mi lẹ́yìn, kò fún mi. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó fi ẹsẹ̀ wọn wá, ó kúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà tún wá kìlọ̀ fún un pé, "Máa rọra bínú, ọmọ mi. Kì í yẹ onígbàgbọ́."

Ẹ wò ó. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ni wọ́n kìlọ̀ fún. Mo sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́, mo ń kọrin nídìí ààrò.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà ti dí mọ́ ọn pátápátá. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá lejú, gbogbo èèyàn mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà, bó bá lejú, òun lẹni burúkú. Mo fi etí ara mi gbọ́ obìnrin kan létí omi tó ní, "Wọ́n kó àlùfáà bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń fajú ro. Bí kò bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí ló ń bínú sí?" N kò dá a lóhùn. Mo sọ fún ara mi pé a ti parí ọ̀rọ̀ náà, n kò tún fẹ́ hú u jáde. Ó kó ààrò rẹ̀ kúrò lábẹ́ abà wa, ó mọ òmíràn sí ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń da iná rú. Àwọn ará Ṣómólú kò dúró nídìí agbọ̀n rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ wá ń ru ẹja kiri àwọn ojúlé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sán kan, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ṣeré, tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ olè. Ohùn ọmọ tèmi wà láàárín wọn. Mo na ọmọ mi, n kò sì sọ ìdí tí mo fi nà án fún un.

Obìnrin ará Bajulaiye ló là mí lójú. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹnu òun náà kì í ṣe ẹnu ẹyẹlé. Mo gbé ẹja lọ fún un nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí ẹ̀rọ ń lù gbì-gbì látàárọ̀. Bó ṣe ń yọ igi kúrò lára ẹja mi, ó ní, "Bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ṣe máa ń gún ẹja, kò yàtọ̀. Lọ́dún tó o bímọ, oṣù méjì ni mo fi ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo rò pé ìwọ lo yan án."

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lójú: ẹní lẹ́nu ọ̀nà, igi lọ́wọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi tó gbé ọmọ mi sí ẹ̀yìn tó ń wo ọwọ́ mi. Àmì tí mo fi pè é lólè, èmi ni mo kọ́ ọ, nígbà tó ń ṣe mí lóore. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ní kí n wo òun dáadáa. Ó ń dúró kí n rántí ni.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi obìnrin náà pé kí ló dé tí kò rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní olè ni?"

"A ti parí ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ta ló wá sọ fún mi? Etí omi lo ti bú u. Inú yàrá lo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Àwa tá a gbọ́ èébú, a ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí mi. "Àwọn àgbà tó o kó lọ yẹn, ṣé torí tirẹ̀ lo ṣe kó wọn, àbí torí kó má baà lè kọ̀ fún ọ?"

Ó tún ní, "Wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwọ pẹ́ níbẹ̀ torí pé o kàn kúnlẹ̀ ni, o ò tíì sọ ẹ̀bi."

Ọjọ́ kẹta ni mo tó ní ìgboyà. Mo lọ sétí omi láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ tí àwọn oníbàárà pé. N kò ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi. N kò fẹ́ kó dúró níwájú èèyàn kí wọ́n tún máa wo ẹnu rẹ̀ pé kí ni yóò sọ. Mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo ní kí wọ́n gbọ́ mi. Mo ní, "Níbí ni mo ti pe ọ̀rẹ́ mi lólè. Irọ́ ni. Ẹja mi wà nínú ilé mi, mo sì ti mọ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀nà tó fi gún ẹja rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Kò mú nǹkan mi rí. Èmi ni mo bà á lórúkọ jẹ́, mo sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n tún un ṣe." Ó wù mí kí n fi "ṣùgbọ́n" kan kún un. Ó ti dé ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ní ẹni tó lè ṣe báyìí sí ọ̀rẹ́, kí ló máa ṣe sí òun, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ sídìí ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ mi ní mo dójú ti ilé wọn. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí, mo sì mọ̀ pé bí ó ṣe dun ọ̀rẹ́ mi náà nìyẹn, fún ọ̀pọ̀ oṣù, láìṣẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. N kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Iwájú ilé ni mo bá a, ó ń ká àwọ̀n irin tó máa ń tẹ́ sórí ààrò rẹ̀, ó ń dì í mọ́ àwọn agbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ ti pinnu pé kí wọ́n padà sílé létíkun. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ yóò gbéra.

Ó ní, "Wọ́n ti wá sọ fún mi, ohun tó o sọ láàárọ̀. O ṣé."

Mo ṣí ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Má bẹ̀ mí. Èmi ti gbọ́ tèmi. Ọmọ mi ni kò tíì gbọ́."

Ó pè é. Ọmọ náà jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Èmi náà kúnlẹ̀, àgbàlagbà níwájú ọmọ ọdún méje. Mo ní, "Màmá rẹ kò jalè. Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn."

Ó wò mí. "Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Lọ́jọ́ yẹn náà."

"Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa pè mí lọ́mọ olè?"

Àwọn ìdí ti tò sẹ́nu mi bí mo ṣe fẹ́ sọ wọ́n: Ojú ń tì mí. Mo rò pé ó ti tán. Àwọn àgbà ti dá sí i. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó burú."

Ọmọ náà dìde, ó lọ dúró ti ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fa apá mi, ó gbé mi dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún mi. Ó ní, "Mo dárí jì ọ́." N kò bi í, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ lórí ilẹ̀ ayé: kó má lọ. Kó tú àwọ̀n ààrò yẹn sílẹ̀, kó padà sábẹ́ abà wa. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi, mo sì bẹ̀rù pé bí mo bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ yẹn, ìkúnlẹ̀ náà yóò di ohun tí mo fi ń ra nǹkan. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró láàárín àwọn èèyàn tó wá sìn wọ́n. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó ti ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, ó yíjú, ó wá mi rí, ó sì wò mí títí bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan sí i. N kò sọ ọ́. Títí di òní olónìí, n kò mọ̀ bóyá ó ń dúró kí n sọ pé kó má lọ.